Ẹ kọ iye òǹwòran àti iye owó sínú ímeèlì yín

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fídíò oúnjẹ, tí ẹ bá ń kọ ímeèlì sí iléeṣẹ́ kékeré pé ẹ fẹ́ bá wọn polówó ọjà, ẹ má fi iye àwọn tó ń tẹ̀ lé yín ṣaájú. Ẹni tó ń ta ata gígún inú ọ̀rá n'Ìbàdàn fẹ́ mọ iye ẹni tó lè rà á. Ẹ to fídíò 11 tí ẹ ṣe kẹ́yìn láti orí èyí tí wọ́n wò jù, kí ẹ mú iye ìgbà tí wọ́n wo ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, ti àárín. Tí ẹ bá ro iye ti gbogbo wọn pọ̀ kí ẹ tó fi 11 pín in, fídíò kan ṣoṣo tó tàn kálẹ̀ á gbé iye náà ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ká ní 8,000 ni, tí ìdá 70 nínú 100 sì ń wò ó láti Nàìjíríà:

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ata yín ni mo fi ń se ọbẹ̀ nílé. Wọ́n sábà máa ń wo fídíò mi kan ní ìgbà 8,000. Nǹkan bí 5,600 jẹ́ láti Nàìjíríà. Àwòrán ẹ̀rí rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Fídíò ìṣẹ́jú kan lójú ìwé mi, pẹ̀lú àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan, jẹ́ ₦60,000. Tí ẹ bá fẹ́ fi ṣe ìpolówó tiyín fún 30 ọjọ́, ẹ fi ₦20,000 kún un.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ gbólóhùn ìpolówó yẹn kúrò. Láìsí i, wọ́n lè máa lo ojú yín tajà fún ọdún kan lórí owó fídíò kan.