Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣáàtì dáadáa kàn dákẹ́ lójijì: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ kó o tó fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ìkẹyìn ránṣẹ́

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé inú á ti bí èèyàn kó tó rántí padà lọ ka ṣáàtì yẹn. Jọ̀ọ́, ṣí i ná. Ta ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, kí ló sì sọ? Tó bá jẹ́ ìwọ ni, ṣé ìbéèrè lo bi í ni àbí o kàn kọ "hahaha, òótọ́ ni"? Torí lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni yẹn ti rẹ́rìn-ín, ó ti gbé fóònù sílẹ̀, ó ń retí pé ìwọ lo máa mú ọ̀rọ̀ míì wá, ìwọ náà jókòó síbẹ̀ ò ń retí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó pa ẹ́ tì níbẹ̀ yẹn o, ọ̀rọ̀ ló tán. Ìyẹn ò gba mẹ́sẹ́ẹ̀jì ìkẹyìn kankan, ṣáà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ míì.

Àṣìṣe kejì ni kéèyàn máa wo tíkì Wasáàpù bí ẹni ń wo ifá. Tíkì kan, kò tíì dé fóònù ẹ̀. Méjì aláwọ̀ eérú, ó ti dé. Tó bá di búlúù, ó ti ṣí i. Àmọ́ èèyàn lè ti pa búlúù yẹn nínú sẹ́tìn-ìn, á kà á tán, eérú lo ṣì máa rí. Tíkì kan tó wà bẹ́ẹ̀ fọ́jọ́ mélòó kan lè jẹ́ pé fóònù kú, ó lè jẹ́ pé kò sí dátà, ó sì lè jẹ́ pé ó ti búlọ́ọ̀kì ẹ, o ò lè fi tíkì nìkan mọ èyí tó jẹ́. Ká tiẹ̀ ní ó ti di búlúù, ṣíṣí ló ṣí i, kò sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ fún ẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ọ̀kan wò dáadáa. Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kì í pẹ́ wákàtí kan tó fi ń fèsì, ẹ ti ń sọ pé ẹ máa ríra ní Sátidé, ó ní "jẹ́ kí n wo bí iṣẹ́ ṣe máa rí, màá sọ fún ẹ", o dáhùn pé "kò burú". Látìgbà yẹn, kò sí nǹkan. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ nìyí: lálẹ́ ọjọ́ yẹn, "hẹ́lò?" Láàárọ̀, "ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?" Lọ́sàn-án, "kò burú, mo ti rí irú èèyàn tó o jẹ́". Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ló há a mọ́ tẹ́lẹ̀, ó ti wá ní ẹ̀bẹ̀ àti àlàyé láti ṣe kó tó lè dá ẹ lóhùn, ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní ṣe é.

Bó ṣe máa ń fèsì tẹ́lẹ̀ ni kó o fi mọ bó o ṣe máa dúró tó. Ẹni tó ń fèsì láàárín wákàtí kan, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin tó, ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló ń yọjú, fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Àmọ́ tí ọjọ́ tẹ́ ẹ dá bá ti sún mọ́lé, má dúró dìgbà tó bá kọjá. Lọ́jọ́bọ̀, kọ ọ̀kan péré: "Báwo ni iṣẹ́ ọ̀hún? Mo ṣì fẹ́ ká ríra ní Sátidé, tí kò bá rọrùn, a lè sún un síwájú, tó ò bá sì fẹ́ mọ́, sọ fún mi, kò sí ìjà." Wò ó, ó mú ohun tẹ́ ẹ sọ kẹ́yìn, èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ méjì dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ kọ́ náà sì rọrùn láti sọ. Má bi í ìdí tó fi dákẹ́ rárá.

Tó o bá ti fi ránṣẹ́, má pa á rẹ́ torí ojú ń tì ẹ́ o, Wasáàpù máa fi hàn án pé o pa nǹkan rẹ́, ìyẹn á tún wá jọ ọ̀rọ̀ míì. Má pè é lórí fóònù, má lọ bá a lórí Fesibúùkù, má rán ọ̀rẹ́ ẹ̀ sí i. Ibi tí mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ tó ṣì lè dáa bàjẹ́ pátápátá nìyẹn, torí ẹ̀rù ló máa ń ba ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí.

Ìgbà míì sì wà tí kò yẹ kó o fi nǹkan kan ránṣẹ́ rárá: tó bá ti sọ pé òun ò fẹ́ mọ́, tó bá ní kó o jẹ́ kóun sinmi ná, tàbí tó bá jẹ́ pé o ti fi ọ̀kan tó dáa ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ tí kò fèsì.

Tó bá wá fèsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, má fi "níbo lo wà?" bẹ̀rẹ̀. Wò ó bóyá ó dárúkọ ọjọ́ míì tẹ́ ẹ lè ríra. Tó bá dárúkọ ẹ̀, gbà á. Tó bá tọrọ àforíjì tí ò mẹ́nu ba ìríra yẹn rárá, kí i dáadáa, má sì tún dá ọjọ́ kankan fún un, jẹ́ kó jẹ́ òun ló máa dá a.