Bí Mo Ṣe Ka Ìwé Àlàyé Fọ́ǹdì Kan Kí Àbúrò Mi Tó San Owó Wọlé

Àbúrò mi obìnrin fẹ́ fi owó iléèwé ọmọ rẹ̀ sínú fọ́ǹdì kan, ìyẹn àpò tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń dá owó sí kí àwọn tó mọṣẹ́ máa bá wọn fi ra ìpín ìdókòwò. Ọdún méjì sí i ló máa nílò owó náà. Ó fi ìwé àlàyé fọ́ǹdì ọ̀hún ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, ojú ewé méjì péré, ti ìparí ọdún 2024. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo èrè tí wọ́n jẹ lọ́dún kan, 30.8%! Ṣé kí n san án?" Mo ní kó jẹ́ kí n kà á tán ná.

Mi ò bẹ̀rẹ̀ láti ibi èrè. Ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì ni mo kọ́kọ́ lọ, níbi tí lẹ́tà ti kéré jù, torí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ owó tí wọ́n ń yọ sí. Mo rí Management Fee, 1.5% lọ́dún. Owó iṣẹ́ àwọn alábòójútó nìyẹn, wọ́n á sì yọ ọ́ bóyá èrè wà ni o, bóyá kò sí. Ìlà tó tẹ̀ lé e ló dá mi dúró: Incentive Fee, 20% èrè tó bá kọjá 10% lọ́dún. Bí ọdún bá dára, ẹ̀bùn tiwọn nìyẹn. Àpapọ̀ ìnáwó tí wọ́n kọ gàdàgbà sójú ewé àkọ́kọ́ kò ka ẹ̀bùn yìí mọ́ ọn rárá.

Mo wá fi ₦100,000 ṣe ìṣirò. 30.8% tí wọ́n kọ jẹ́ èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n ti mú tiwọn. Kí wọ́n tó mú ẹ̀bùn, owó náà ti di ₦136,000. Wọ́n fo ₦10,000 àkọ́kọ́ nínú èrè ₦36,000, ó ku ₦26,000. 20% rẹ̀ jẹ́ ₦5,200, ìyẹn ló fi ku ₦130,800 fún ẹni tó ni owó.

10% yẹn ló ká mi lára jù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọ̀wọ́ngógó ọjà tí ìjọba kéde jẹ́ 34.80%. Ohun tí èèyàn ń fi ₦100,000 rà lọ́dún kan ṣáájú ti di ₦134,800. Owó oníbàárà kò lè ra ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́, síbẹ̀ alábòójútó gba ẹ̀bùn iṣẹ́ dáadáa. Mi ò rò pé ó tọ́. Ọjà ìpín ìdókòwò lápapọ̀, tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní NGX ASI, sì gòkè ní 37.65% lọ́dún náà. Ọjà ṣíwájú wọn.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó wo tábìlì èrè ọdún márùn-ún, láti 2020 dé 2024. Kò sí ọdún kankan tí wọ́n pàdánù. Àmọ́ ọjà fúnra rẹ̀ kò já wálẹ̀ lọ́dún kankan nínú márààrún. Ọdún méjì tó ṣáájú wọn, tí tábìlì náà kò gbà mọ́, ni ọjà já: 17.81% ní 2018, 14.60% ní 2019. Ẹni tí owó rẹ̀ bá bá ọjà náà lọ, ₦100,000 rẹ̀ á ti di nǹkan bíi ₦70,000 ní ìparí 2019. Ọdún 2020, tí ọjà gòkè ní 50.03%, ló tó dá a padà síbi tó ti kúrò. Owó iléèwé kò lè dúró dé ọdún kẹta. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún àbúrò mi báyìí, ó sì gbà pé kí owó ọmọ lọ sínú fọ́ǹdì tó ń ra ìwé gbèsè ìjọba olóṣù díẹ̀, kó fi ìwọ̀nba owó mìíràn tí kò ní í fọwọ́ kàn sínú èyí.

Ó ku ohun tó wà nínú àpò gan-an. Orúkọ mẹ́wàá tó wà lábẹ́ Top Holdings, ìyẹn àwọn iléeṣẹ́ tí wọ́n fi owó sí jù, gba ohun tó ju ìdajì owó fọ́ǹdì náà lọ, báńkì sì ni márùn-ún nínú wọn. Orúkọ yàtọ̀, àmọ́ nǹkan kan náà ló ń mì wọ́n. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, báńkì àpapọ̀ pàṣẹ pé kí báńkì tó níwèé àṣẹ láti ṣòwò dé òkè òkun ní olú-owó ₦500 bílíọ̀nù kí oṣù Kẹta ọdún 2026 tó parí, ọ̀pọ̀ wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí ta ìpín tuntun lẹ́ẹ̀kan náà. Àbúrò mi ti ní ìpín méjì nínú àwọn báńkì ọ̀hún lọ́wọ́ ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó ní ló tún fẹ́ lọ rà, tó sì máa sanwó fún ẹni tó bá a rà á.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù nìkan ni àkọsílẹ̀ náà sì ń sọ nípa rẹ̀. A ti béèrè ti oṣù Kẹfà àti ti oṣù Kẹsàn-án lọ́wọ́ wọn, ká lè rí bóyá wọ́n máa ń di ohun tí wọ́n rà mú, àbí wọ́n kàn ń rà wọ́n, wọ́n ń tà wọ́n, tí owó ọ̀yà àwọn alágbàtà sì ń jẹ àpò náà lábẹ́lẹ̀.