Bí a ṣe ń yan pòtétò nínú ófùn tí ara rẹ̀ á fi máa rún wómúwómú

Omi ló ń ba pòtétò inú ófùn jẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà lára rẹ̀, ooru á kọ́kọ́ máa lé omi lọ, ara pòtétò kò sì ní gbóná kọjá ibi tí omi ti ń hó. Kò ní pọ́n, kò sì ní le. Ìdí nìyí tí tíréè fi gbọ́dọ̀ gbóná kí pòtétò tó dé orí rẹ̀.

Kílò kan pòtétò Áírìṣì ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà l'Ábújá ló ń wá láti Ìpínlẹ̀ Pílátò. Ẹ ṣa èyí tó le dáadáa, ẹ má sì mú èyí tí awọ rẹ̀ ti ní àwọ̀ ewé, nítorí májèlé wà nínú rẹ̀. Ẹ má kó o sínú fíríìjì rárá: òtútù máa ń sọ ṣítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà, ara rẹ̀ á sì ti dúdú kó tó le.

Ẹ bó o, ẹ gé e sí ìwọ̀n ẹyin adìẹ, ẹ ṣàn án. Ẹ dà á sínú lítà omi tútù méjì pẹ̀lú ṣíbí ìjẹun iyọ̀ kan, ẹ gbé e kaná. Àkókò yìí gan-an ni kí ẹ tan ófùn sí 220°C. Bó bá jẹ́ ófùn gáàsì tí kò ní nọ́ńbà tó ṣe é gbára lé, ẹ yí i sí òpin, kó gbóná fún ìṣẹ́jú 20 sí 25.

Láti ìgbà tí omi bá ti ń hó, ẹ ka ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ gún un: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yẹ kó ti rọ̀, àárín kó ṣì le díẹ̀. Ẹni tó wà ní Jọ́ọ̀sì á fi ìṣẹ́jú méjì kún un, torí ìlú náà ga tó nǹkan bíi mítà 1,200, omi sì ń hó níbẹ̀ ní nǹkan bíi 96°C. Ẹ sẹ́ omi náà kúrò, ẹ dá pòtétò padà sínú ìkòkò láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, kí ooru omi máa jáde fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ara rẹ̀ á yọ hàrìhàrì. Ibẹ̀ ni òróró máa ń dì mọ́ tó fi ń le. Bó bá ti jinná jù tó sì ń fọ́, ẹ má gbọ̀n ọ́n mọ́.

Tíréè irin ni kí ẹ lò, kì í ṣe gíláàsì. Tíréè tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 sí 40 gba kílò kan. Bí pòtétò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lo tíréè méjì. Ẹ da ṣíbí ìjẹun márùn-ún òróró ẹ̀pà sí i, ẹ gbé e sínú ófùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bọ́tà á jó. Ẹ ju ẹyọ pòtétò kan sínú òróró: bí kò bá dún ṣáá lójú ẹsẹ̀, ẹ dá tíréè padà. Bí òróró bá ń rú èéfín, ooru ti pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ fi ṣíbí to pòtétò sórí rẹ̀, ẹ má dà á, kí òróró má ta sí yín lára. Ẹ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú òróró, ẹ fi àyè ìka kan sílẹ̀ láàárín wọn. Pòtétò tó fún mọ́ra á máa fi ooru omi ara wọn se ara wọn ni.

Ìṣẹ́jú 20 àkọ́kọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí ṣòro fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí i kó tó yẹ, ara rẹ̀ tó ń le á ya kúrò, á sì lẹ̀ mọ́ irin. Èyí tó ti tó yí á gbéra fúnra rẹ̀. Bó bá ṣì lẹ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un. Nígbà tí ẹ bá ń yí i, ẹ gbé tíréè jáde, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn ófùn kí ooru má baà jáde. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ fi sílẹ̀ fún mẹ́wàá sí i.

Iná ọ̀pọ̀ ófùn gáàsì ń wá láti ìsàlẹ̀, nítorí náà ìsàlẹ̀ pòtétò ló ń kọ́kọ́ pọ́n. Bí òkè rẹ̀ bá funfun ní ìparí, ẹ gbé tíréè sí apá òkè nínú ófùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn. Ááyù wẹ́wẹ́ kò gbọdọ̀ wọlé títí yóò fi ku ìṣẹ́jú márùn-ún, nítorí ó máa ń jó, á sì korò. Ẹ wọ́n iyọ̀ sí i bó bá ti jáde, ẹ má sì dé e. Bó bá kù, ẹ tún un yan lórí tíréè ní ooru kan náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.