Bí mo ṣe to báìkì mọ́kànlá dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà láìjẹ́ kí ìlà já

₦70,000 àti díẹ̀ ni mo ná lórí ríìmù iwájú tó tẹ̀ àti táyà tuntun, torí pé ẹni tó ṣáájú wa kò wo ẹ̀yìn. Mo ti sọ ọ́ nínú ìpàdé ẹgbẹ́ oníbáìkì wa, màá tún un sọ níbí: ìnáwó yẹn kò yẹ kó wáyé rárá.

Báìkì mọ́kànlá la kó jáde ní Òṣogbo láàárọ̀ Sátidé yẹn, a ń lọ sí ibi omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Èmi ni wọ́n fi sẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí a dé Iléṣà, níbi tí ọ̀nà Òṣogbo ti yọ sí títì tó ti Ìbàdàn lọ sí Àkúrẹ́, àwọn iwájú ti yà sósì lọ ní tiwọn. Tírélà kan wọ àárín wa. Ẹni tó yẹ kó dúró ní oríta kó nawọ́ sí ọ̀nà fún wa kò dúró. Ó ní òun rò pé a ti rí ibi tí òun yà sí. Mẹ́ta nínú àwa tó kù bá yà sọ́tùn-ún, wọ́n forí lé ọ̀nà Ifẹ̀. Èmi ni mo lé wọn bá, tí mo dá wọn padà. Ní gbogbo àsìkò yẹn, àṣáájú wa ò dín eré kù, kò sì dúró níbì kankan. Àwọn tó wà níwájú mi wá ń sá 120 kí wọ́n lè bá a. Ẹni tó ṣáájú mi yẹ kòtò lójijì, kò fi ẹsẹ̀ júwe rẹ̀ fún mi, èmi sì bọ́ sínú rẹ̀.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé, ẹ̀gbọ́n tó ṣáájú wa ní, "Kálukú ló ni báìkì ẹ̀, kálukú ni yóò máa tún tiẹ̀ ṣe." Mi ò bá a jà, àgbà ni. Mo kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n to èyí tó kàn." Wọ́n gbà, ibi omi kan náà la sì tún fẹ́ lọ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ fún wọn ni ìdí tí ẹ̀yìn fi máa ń sáré ju iwájú lọ. Bí báìkì mọ́kànlá bá tò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì jìnnà sí ẹni iwájú rẹ̀, ogún ìṣẹ́jú-àáyá ló wà láàárín àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn. Ní eré 80, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kìlómítà. Bí àṣáájú bá kọjá bọ́ǹpù kan tó sì fún un níná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹni ẹ̀yìn kò tíì débi bọ́ǹpù rárá. Nígbà tí òun náà bá fi máa kọjá, àlàfo náà ti fà bíi rọ́bà, kò sì sí ohun tó lè pa á dé bí kò ṣe pé kí ẹni ẹ̀yìn sá 110 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣáájú á sì máa búra pé òun ò kọjá 80, òótọ́ ló sì ń sọ. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé lẹ́yìn bọ́ǹpù, lẹ́yìn oríta, lẹ́yìn ibi tí wọ́n bá ti dá wa dúró, àṣáájú kò gbọdọ̀ kọjá 50 títí yóò fi rí iná ẹni ìkẹyìn nínú gíláàsì rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo pín wa sí méjì: márùn-ún lọ́wọ́ kan, mẹ́fà lọ́wọ́ kejì, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àṣáájú tirẹ̀ àti ẹni ẹ̀yìn tirẹ̀. Àwọn kan bínú pé mo ń ya ẹgbẹ́. Ìyapa kọ́ ni. Bí báìkì mẹ́fà bá tiẹ̀ tò lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi mítà 220 ni gbogbo gígùn wọn ní eré 80. Mọ́tò tó bá fẹ́ kọjá lára wọn yóò rí àyè ṣe é láìwọ àárín.

Ọ̀rọ̀ akoto, ìwé báìkì àti ìwé àṣẹ ìwakọ̀, mi ò ní sọ ọ́. Ẹni tí kò bá ní i kì í bá wa jáde.

Lójú ọ̀nà tó bá dára tó sì tọ́, a máa ń tò ní òsì-ọ̀tún. Àṣáájú á wà ní apá òsì ojú ọ̀nà wa, nítòsí ìlà àárín. Ẹnì kejì á wà ní apá ọ̀tún, ìṣẹ́jú-àáyá kan sẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kẹta á padà sósì, ìṣẹ́jú-àáyá méjì sẹ́yìn àṣáájú. Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n kò le: bí ẹni tó wà níwájú rẹ ní apá kan náà bá ti kọjá òpó iná kan, bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí ìwọ náà bá ti dé òpó yẹn kí ìṣẹ́jú-àáyá méjì tó pé, o ti sún mọ́ ọn jù. Bí a bá ti débi kọ́nà, ibi tó fún, tàbí ibi tí kòtò pọ̀, àṣáájú á na ìka kan sókè, gbogbo wa á sì tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìka méjì, a padà sí òsì-ọ̀tún. Ẹsẹ̀ ni a fi ń júwe kòtò tó bá wà lọ́tùn-ún, torí pé ọwọ́ ọ̀tún ló di ibi tí a ti ń fún báìkì níná mú, kò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀.

Àwọn kan fẹ́ kí á lọ ní méjì-méjì gba oríta Ọláìyá ní Òṣogbo kọjá kí ará ìlú lè rí wa. Mo ní rárá. Bí kòtò bá yọ sí ẹni tí ẹlòmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní ibi tó máa yà sí.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun báìkì ni mo fi sí ẹ̀yìn àṣáájú gan-an. Ibẹ̀ ni eré ti máa ń dúró sójú kan. Ẹ̀yìn, níbi tí rọ́bà ti ń fà, àwọn tó ti pẹ́ lórí báìkì ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá kan tó ní báìkì ńlá 1000 sísì fara ya pé èmi fi òun sẹ́yìn ọmọ tó ń gun 150. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin ni ẹ lágbára láti wà níbẹ̀." Ó gbà, ó sì ṣe dáadáa.

Oríta ni mo fi gbogbo ọkàn sí. Bí àṣáájú bá ti fẹ́ yà, á júwe ibi tí yóò dúró sí fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni yẹn á dúró síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i, á sì nawọ́ sí ọ̀nà tí a ń gbà. Kò ní kúrò níbẹ̀ títí ẹni ìkẹyìn ọ̀wọ́ kejì yóò fi dé. Nígbà náà ni yóò wọ iwájú ẹni ìkẹyìn. Ní oríta tó kàn, ẹni tó ti wá di ìkejì ni yóò dúró. Pẹ̀lú èyí, kò sí ẹni tó nílò láti sáré torí kó má baà sọnù. Mo jẹ́ kí kálukú fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ fún mi níwájú Freedom Park kí a tó gbéra.

A dé Iléṣà wẹ́rẹ́. Èmi ni mo ṣáájú. Mo fi àbúrò kan sí oríta, èmi àti àwọn tó kù sì lọ dúró síwájú díẹ̀ lábẹ́ igi. Ọ̀wọ́ kejì dé, ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́rin ni. Èèyàn méjì kò sí, ẹni ìkẹyìn sì wà nínú wọn.

A dúró. Oòrùn mú. Àwọn kan ní kí n máa lọ, pé wọ́n á bá wa níbi omi. Àwọn mìíràn ti ń gbé akoto, wọ́n fẹ́ padà lọ wá wọn. Mo ní kò sí ẹni tó ń padà, torí bí ẹni mẹ́ta bá padà, wọ́n á ti di ẹni márùn-ún tí a ń wá. Mo pe fóònù, kò wọlé. Mo tún pè é, kò wọlé. Ọmọ tó wà ní oríta wà nínú oòrùn, kò kúrò lójú kan. Ẹnì kan lọ bá a pé kó wá síbi òjìji, ó ní, "Bọ̀dá ní kí n dúró títí ẹni ìkẹyìn á fi dé." Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan kí fóònù tó wọlé. Epo ló tán lára báìkì ọ̀kan nínú àwọn tí mo bi ní Òṣogbo, "Ṣé epo wà?" tó ní ó wà. Epo wà lóòótọ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀kì epo rẹ̀ ti wà ní rìsáàfù, ìyẹn epo ìsàlẹ̀ táǹkì tó yẹ kó wà ní ìpamọ́, láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ra epo díẹ̀, kò dá kọ́ọ̀kì padà sí ọ́ọ̀nù. Bí kọ́ọ̀kì bá wà ní ọ́ọ̀nù, báìkì á kọ́kọ́ máa wúkọ́, wàá yí i sí rìsáàfù, wàá sì rí ilé epo dé. Tirẹ̀ kò wúkọ́ ṣáájú. Ó kú pátápátá, kò sì sí ohun tó kù láti yí sí. Ẹni ìkẹyìn dúró tì í gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ. Ó fẹ́ fa epo lára báìkì tirẹ̀ fún un, kò sí ike, kò sí rọ́bà. Wọ́n lọ tọrọ ike omi lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta iṣu, wọ́n yọ rọ́bà epo báìkì ẹni ìkẹyìn lábẹ́ táǹkì, wọ́n gba lítà kan. Irin tó di rọ́bà náà mú ló jẹ ọ̀pọ̀ jù nínú àsìkò yẹn, torí kò sí pínṣọ́ọ̀sì.

Inú bí mi dé góńgó, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yọ sí oríta tí àbúrò yẹn wọ iwájú wọn, báìkì mọ́kànlá ló pé. Kò sí ẹni tó gba ọ̀nà Ifẹ̀. Kò sí ẹni tó sá 120. A dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, a gun òkè omi, a sì wọ Òṣogbo padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí mo bá tún máa tò ó, mi ò ní bi ẹnikẹ́ni pé ṣé epo wà. Màá ní kí gbogbo wa kún táǹkì ní ilé epo kan náà, màá sì bẹ̀rẹ̀ wo kọ́ọ̀kì báìkì kọ̀ọ̀kan fúnra mi. Ẹni tí táǹkì rẹ̀ kéré jù ló máa pinnu ibi tí a ó ti tún ra epo. Ẹni ẹ̀yìn á gbé ike lítà kan tó ṣófo, rọ́bà tó gùn tó apá, àti pínṣọ́ọ̀sì sínú àpò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ṣáájú wa nígbà yẹn ti ní kí n to ti Ìkọ́gòsì. Mo ti ra pínṣọ́ọ̀sì náà.