Èrè tí Excel ń gbé jáde kò yé mi: àtòjọ àkáǹtì fún òwò àdìrẹ tuntun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Oṣù tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀ òwò àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Mo ń kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sínú Excel, ó sì ní mo jèrè ₦245,000. Ọjà tí mo tà kò ju ₦340,000 lọ, bẹ́ẹ̀ aṣọ, aró àti owó aláró nìkan gba ₦390,000, ìdajì aṣọ náà sì ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Báwo ni mo ṣe jèrè? Ìkejì, ₦60,000 ni mo fi ra aró, àmọ́ ₦35,000 ló ń hàn níbi àkópọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó òwò tuntun o. Mo yẹ àkọsílẹ̀ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ wò. Owó tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín ni ₦245,000 yẹn, kì í ṣe èrè. Nínú ₦840,000 tẹ́ ẹ kọ pé ó wọlé, ₦500,000 jẹ́ owó tí ẹ̀yin fúnra yín fi bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà kọ́ ló san án. Lápá owó tó jáde, ẹ kọ ₦120,000 dúrọ́ọ̀mù àti sítóòfù gáàsì mọ́ ìnáwó, nígbà tí wọ́n ṣì wà lẹ́yìnkùlé, tẹ́ ẹ ó sì máa lò wọ́n fún ọdún púpọ̀. Ẹ tún kọ ₦70,000 owó iléèwé ọmọ síbẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ owó tẹ́ ẹ mú lò nínú òwò. Owó ọkọ̀, ₦15,000, nìkan ni ìnáwó tó kù lẹ́yìn tọjà.

Àtòjọ àkáǹtì ló máa pín wọn níyà. Ẹ ṣí ṣíìtì kan, kẹ́ ẹ pè é ní Akanti, nọ́ńbà ní kọ́lọ́ọ̀mù A, orúkọ ní B. Ohun ìní bẹ̀rẹ̀ láti 1000: kásì 1010, báńkì 1020, dúrọ́ọ̀mù àti sítóòfù 1510. Ẹ fi 2000 sílẹ̀ fún gbèsè tẹ́ ẹ bá jẹ. Owó ìbẹ̀rẹ̀ yín jẹ́ 3010, owó tẹ́ ẹ mú lò 3020. Ọjà títà jẹ́ 4010. Aṣọ funfun 5010, aró àti kọ́sítíìkì 5020, owó aláró 5030. Owó ọkọ̀ 6010. Mo fi àyè sáàárín nọ́ńbà kí àkáǹtì tuntun lè rí ibi wọlé. Ẹ má fún ọnà aṣọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, yóò sú yín kí oṣù tó parí.

Ṣíìtì kejì, Iwe, ni ti ojoojúmọ́: ọjọ́ ní A, àlàyé ní B, nọ́ńbà àkáǹtì ní C, owó wọlé ní D, owó jáde ní E, kásì tàbí báńkì ní F. Ẹ má ya ṣíìtì oṣù kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀.

Ibi tí ₦25,000 aró sọnù sí rèé: ẹ kọ "Aró" lẹ́ẹ̀mejì, ₦20,000 àti ₦15,000, ẹ wá kọ "Aro" láìsí àmì lẹ́ẹ̀kẹta. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn lójú Excel. Àyè kan ṣoṣo tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn máa ń fa irú rẹ̀, ojú kì í sì í rí i. Ìdí tí mo fi fẹ́ nọ́ńbà nìyẹn. Ẹ mú kọ́lọ́ọ̀mù C, ẹ lọ sí Data, Data Validation, kẹ́ ẹ yan List, kẹ́ ẹ fi èyí sí Source:

```
=Akanti!$A$2:$A$30
```

Nọ́ńbà tí kò bá sí nínú àtòjọ kò ní wọlé mọ́. Ní ṣíìtì kẹta, Akopo, ẹ to nọ́ńbà ìnáwó sí A, kẹ́ ẹ fi èyí sí B2, kẹ́ ẹ sì fà á wálẹ̀:

```
=SUMIFS(Iwe!$E:$E,Iwe!$C:$C,A2)
```

Fún 4010 àti 3010, ẹ fi D rọ́pò E.

Wàyí o, èrè. Ẹ ní ìdajì aṣọ náà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìdajì ₦390,000 ni ₦195,000, iye tí èyí tẹ́ ẹ tà náni nìyẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ₦340,000, ó ku ₦145,000. Ẹ yọ owó ọkọ̀, ó ku ₦130,000. Èrè yín gan-an nìyí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: owó ọwọ́ ₦245,000, ọjà tó kù ₦195,000, ohun èlò ₦120,000, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦560,000. Owó ìbẹ̀rẹ̀ ₦500,000, ẹ fi èrè ₦130,000 kún un, ẹ yọ ₦70,000 tẹ́ ẹ mú lò, ₦560,000 náà ni. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, nǹkan kan wà lábẹ́ nọ́ńbà tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Àwọn oníbàárà kan máa ń ra àwìn. Ibo ni kí n kọ ọ́ sí?

Ìdáhùn: Ẹ má kọ ọ́ sínú Iwe, owó tó ti wọlé nìkan ni tibẹ̀. Ẹ ṣí Awin: ọjọ́, orúkọ, iye, èyí tó ti san. Ọjọ́ tó bá san ni yóò wọ 4010. Àmọ́ aṣọ ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kówó tó dé, èrè oṣù náà yóò kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Nítorí náà, bí oṣù bá parí, ẹ fi gbèsè tó wà níta kún ọjà títà, kẹ́ ẹ sì yọ èyí tó wà níta ní ìparí oṣù tó ṣáájú. Ká ní ₦300,000 ló wọlé, ₦40,000 wà níta báyìí, ₦25,000 sì wà níta tẹ́lẹ̀, ọjà oṣù náà jẹ́ ₦315,000.