Mímọ ipá ìyípo mọ́tò láti ara kìlówáàtì rẹ̀
Ẹ̀yin tí ẹ ń to ẹ̀rọ ìlọta ní Láfẹ́nwá, bí ẹ bá fẹ́ mọ ipá ìyípo mọ́tò ní niútọ́nì-mítà, ẹ fi 9550 sọ kìlówáàtì rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ sì fi iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan pín in. Mọ́tò kìlówáàtì 7.5 tó ń yí ní ìgbà 1450 yóò ní 71,625 ÷ 1450, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 49.4. Inú 60,000 ni 9550 ti wá, ìyẹn wáàtì 1000 lọ́nà ìṣẹ́jú àáyá 60, tí a fi 2π, ìwọ̀n yíyí kan, pín. Nítorí náà, bí púlì bá dín eré kù sí ìdajì, ipá náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, àyàfi díẹ̀ tí bẹ́líìtì bá jẹ. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kò sọ ipá tí mọ́tò ní nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra.