Ṣé kí n kọ gbogbo ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ ni, àbí kókó nìkan?

Àbúrò mi kan ní Ọ̀fà ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ní kó wá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ wọn fẹ́ kówó jọ tún òrùlé gbọ̀ngàn ìlú ṣe. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n kọ gbogbo ẹ̀ ni kí n máa kà á, àbí kí n kàn kọ kókó kókó?"

Mo bi í pé, níbo nínú ọ̀rọ̀ yìí ni àṣìṣe kan ṣoṣo ti lè dá wàhálà sílẹ̀? Ó ronú, ó ní ibi ìkíni, torí ẹ ò lè kí àwọn ìjòyè kẹ́ ẹ tó kí Kábíyèsí Ọlọ́fà, lẹ́yìn náà owó tó ti wọlé, àti orúkọ àwọn tó dáwó. Mo ní ó dáa, àwọn yẹn ni kó kọ sílẹ̀ lódindi, kó kà á bó ṣe wà. Àmọ́ bí òjò ṣe lé wọn jáde nípàdé, ojú àwọn èèyàn ló yẹ kó máa wò sọ ìyẹn, kókó ló fẹ́.

Bí mo ṣe máa ń pinnu ẹ̀ nìyẹn. Tí ibi ẹlẹgẹ́ bá ju ìdajì ọ̀rọ̀ yín lọ, ẹ kọ ọ́ tán pátápátá. Tí ò bá tó bẹ́ẹ̀, kókó ni, kẹ́ ẹ kàn kọ àwọn ibi ẹlẹgẹ́ yẹn mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ níbi òkú èèyàn yín ni mi ò kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé lórí, ẹ kọ gbogbo ẹ̀, torí tí ẹkún bá gbé yín, ẹlòmíì lè gba ìwé lọ́wọ́ yín kó kà á parí.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kọ gbogbo ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ sínú fóònù bíi pé ẹ ń bá aládùúgbò yín sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ wá máa gbọ́ ọ kẹ́ ẹ máa kọ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbólóhùn yín á gùn débi pé èémí ò ní gbé e. Ẹ fi lẹ́tà ńlá tẹ̀ ẹ́, kí ìlà jìnnà síra, ojú kan ìwé nìkan, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà sórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan (fáànù gbé ìwé mi lọ níbi ìgbéyàwó kan n'Ílọrin, mi ò sì kọ nọ́ńbà sí i, mi ò gbàgbé ọjọ́ náà). Ẹ má jẹ́ kí gbólóhùn kankan bẹ̀rẹ̀ lójú ìwé kan kó parí sí òmíì.

Ìdánrawò ẹ̀, ẹ dìde dúró, ẹ kà á sókè. Ibi tí ahọ́n yín bá ti kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yí gbólóhùn yẹn padà, ẹ má fipá kọ́ ahọ́n. Ẹ fa ìlà kékeré síbi tẹ́ ẹ ti máa mí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ́ ojú yín: ẹ fojú gbá ìlà mú, ẹ gbórí sókè, ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin tó kẹ́yìn gbólóhùn, ojú èèyàn ni kẹ́ ẹ máa wò sọ ọ́. Wọ́n sábà máa ń ní èèyàn ń sọ bí ọ̀rọ̀ 130 ní ìṣẹ́jú kan, àmọ́ òyìnbó nìyẹn o, ọ̀rọ̀ Yorùbá kúrú, iye ẹ̀ ò ní bá a mu. Aago fóònù ni kẹ́ ẹ lò, tí wọ́n bá fún yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún ẹ jẹ́ kó parí ní mẹ́rin àbọ̀, torí ìkíni àti àtẹ́wọ́ náà ń gba àkókò.

Kókó ní tiẹ̀, káàdì kan fún nǹkan kan ni. Ti àbúrò mi nípa òjò, nǹkan tó wà ńbẹ̀ ò ju "ìpàdé, òjò, bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta" lọ. Ẹ má há a sórí. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọ̀rọ̀ ẹnu yín yàtọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ẹ̀ẹ̀kẹta bá ẹ̀ẹ̀kejì mu wẹ́kú, ẹ ti há a nìyẹn, tí ọ̀rọ̀ kan bá sì bọ́, gbogbo ẹ̀ lè lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti há mọ́ yín lẹ́nu, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan kún káàdì, kan ṣoṣo. Tí àkókò bá sì ń lọ sókè sódò, ọ̀rọ̀ yín ò mọ ibi tó máa dúró sí nìyẹn, ẹ kọ gbólóhùn tó máa parí ìtàn náà sí ìdí káàdì.

Ti àbúrò mi gba ìṣẹ́jú mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kíní, òjò nìkan jẹ mẹ́rin ńbẹ̀. Ó yọ ìtàn kan kúrò, ó kọ "bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ṣì wà ńbẹ̀ títí dòní" sí ìdí káàdì, ẹ̀ẹ̀kẹta wá jẹ́ mẹ́rin àbọ̀. Lọ́jọ́ náà, ó ka ìkíni, ó ka owó àtorúkọ, ló bá gbé ìwé sílẹ̀ lórí tábìlì, ó wojú wọn, ó sọ ti bọ́kẹ́ẹ̀tì, àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn sì dáhùn pé òótọ́ ni, àwọn làwọn ń da omi ẹ̀ nù.